Bí rídíìmù àti búlúùsì ṣe pàdé kọ́ńtírì lójú méjèèjì àwo orin kan ní Memphis

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1954, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun mẹ́ta wà nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan ní òpópónà Union Avenue nílùú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Orin ìfẹ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti kọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ta yọ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró láti sinmi, èyí tó kéré jù láàárín wọn, Elvis Presley, ọmọ ọdún 19 tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ oníná kan, gbé gìtá rẹ̀, ó ń fò sókè sódò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin búlúùsì kan tí adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Arthur Crudup ti gbé jáde ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Bill Black fa okùn báàsì tẹ̀lé e. Scotty Moore náà fi gìtá onínáà rẹ̀ dá sí i. Eré lásán ni wọ́n pè é.

Sam Phillips, ẹni tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà, gbọ́ wọn láti yàrá tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ó bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n fèsì pé àwọn gan-an kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe kí òun lè gbà á sílẹ̀.

Orin tó jáde láti inú eré yẹn ni "That's All Right". Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gba orin kejì sílẹ̀, "Blue Moon of Kentucky", láti fi sí ẹ̀yìn àwo náà. Àwo yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá kan ìbẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n ń pè ní rọkabílì. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ti da irú orin méjèèjì pọ̀ ṣáájú Presley. Àwọn olórin kọ́ńtírì bíi Delmore Brothers ti ń fi bùgí ṣeré láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ. Ohun tó mú àwo yìí yàtọ̀ ni pé ó gbé ìdàpọ̀ náà ka iwájú olùgbọ́ bí ẹni gbé ọjà sórí àtẹ: ojú kan wá láti ọ̀dọ̀ adúláwọ̀ olórin búlúùsì, ojú kejì wá láti ọ̀dọ̀ aláwọ̀ funfun olórin kọ́ńtírì, àwọn ènìyàn mẹ́ta kan náà ló sì fi ohun èlò kan náà ṣe méjèèjì.

Orin méjì tí wọ́n mọ ògiri sí láàárín

Láti mọ bí ohun tí wọ́n ṣe náà ti ṣàjèjì tó, ó yẹ kí a wo bí ọjà orin ṣe rí ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ìwé ìròyìn Billboard, tó máa ń to àwọn orin tó ń tà lẹ́sẹẹsẹ, ní àtẹ ọ̀tọ̀ fún orin àwọn adúláwọ̀. "Orin ẹ̀yà" ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 1949, nígbà tí Jerry Wexler, tó jẹ́ akọ̀ròyìn níbẹ̀, dábàá orúkọ tuntun, ìyẹn rídíìmù àti búlúùsì. Lọ́dún yẹn kan náà ni orin àwọn aláwọ̀ funfun ìgbèríko gúúsù gba orúkọ tó níyì díẹ̀, kọ́ńtírì àti wẹ́sítàànì. Kí ó tó di ìgbà náà, hílíbílì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni, bí ẹni ń pe ènìyàn ní ará oko. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ yìí ni wọ́n so mọ́ rọ́ọ̀kì tó fi di rọkabílì.

Nínú rídíìmù àti búlúùsì, ìlù ni òpó. Bí olùgbọ́ bá ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, lórí èjì àti ẹ̀rin ni ìlù ti máa ń dún kíkankíkan, tí àtẹ́wọ́ sì máa ń bọ́ sí. Sasofóònù àti dùùrù ló sábà máa ń gbé orin náà, akọrin sì máa ń pariwo bó bá ti wù ú. Nínú kọ́ńtírì, fayolíìnì àti gìtá ló ń sọ̀rọ̀, báàsì máa ń dún lórí ení àti ẹ̀ta, ìlù kì í sì í sábà sí níbẹ̀ rárá. Ètò Grand Ole Opry ti ìlú Nashville, tó jẹ́ ìtẹ́ kọ́ńtírì lórí rédíò, kò fẹ́ rí onílù lórí pèpéle rẹ̀.

Òfin ìpínyà lè sọ ibi tí adúláwọ̀ yóò jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí aláwọ̀ funfun yóò gbọ́ nínú yàrá rẹ̀. Láti ọdún 1949, iléeṣẹ́ rédíò WDIA ní Memphis ti fi gbogbo ètò rẹ̀ jìn fún àwọn adúláwọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní rédíò lè yí i síbẹ̀. Bákan náà ni Opry ń dé ilé àwọn adúláwọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ ara wọn tipẹ́.

Phillips fúnra rẹ̀ wà ní ojú ògiri yìí. Láti oṣù kìíní ọdún 1950 tó ti ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, àwọn adúláwọ̀ ló gbájú mọ́. B.B. King àti Howlin' Wolf wà lára àwọn tó gba ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ṣe "Rocket 88" lọ́dún 1951. Lọ́dún 1952 ló dá iléeṣẹ́ àwo orin tirẹ̀ sílẹ̀, tó pè ní Sun. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bó ti wù kí orin adúláwọ̀ dára tó, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò àwọn aláwọ̀ funfun kò ní gbé e sáfẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kò sì ní pàtẹ rẹ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé.

Ojú kìíní: orin Crudup láìsí ìlù

Crudup, ọmọ bíbí ìlú Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi, gba "That's All Right" sílẹ̀ ní Chicago ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà nínú yàrá náà: Crudup lórí gìtá onínáà, Ransom Knowling lórí báàsì, Judge Riley lórí ìlù. Orin náà wúwo díẹ̀, ìlù Riley ló ń tì í lọ láti ẹ̀yìn, ohùn Crudup sì ga bí ohùn ẹni tó ń pe ará ilé rẹ̀ láti ìpẹ̀kun oko.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà ní Memphis náà, ṣùgbọ́n onílù kò sí láàárín wọn. Moore àti Black ti inú ẹgbẹ́ olórin kọ́ńtírì kan tó ń jẹ́ Starlite Wranglers wá, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í dàníyàn nípa ìlù. Ibi tí ìṣòro ti wà nìyẹn: bí a bá mú orin tí ìlù jẹ́ òpó rẹ̀, tí a sì yọ ìlù kúrò, ó yẹ kó wó. Ọwọ́ Bill Black ni kò jẹ́ kó wó.

Báàsì tó ń lò jẹ́ báàsì onígi ńlá tó ga ju ènìyàn lọ. Yóò fa okùn rẹ̀ síta, yóò sì jẹ́ kí ó padà ta igi ọrùn báàsì náà tó fi máa dún "tá". Kí ó tó fa òmíràn, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá okùn mọ́ igi. Ohùn méjì ló ń ti ibẹ̀ jáde: ohùn báàsì tó jinlẹ̀, àti ìró gbígbẹ kan tó ń bọ́ sí ibi tí onílù ìbá ti lu ìlù rẹ̀. Àwọn olórin jáàsì ní New Orleans ti mọ ọgbọ́n yìí láti ìgbà pípẹ́, àwọn olórin kọ́ńtírì kan náà sì ti ń lò ó láti fi dá àwọn ènìyàn lára yá. Ní ọwọ́ Black, ó kúrò ní àṣejù, ó di ìpìlẹ̀ orin.

Presley ń lu gìtá aláìlo-iná pẹ̀lú agbára lórí rẹ̀, èyí tó ń kún àlàfo tó kù. Moore kò ṣe bí olórin búlúùsì, kò sì ṣe bí ti kọ́ńtírì pátápátá. Ó máa ń fi àtàǹpàkò lu okùn ìsàlẹ̀, tí àwọn ìka rẹ̀ yòókù ń fa ti òkè, gẹ́gẹ́ bí àwọn olórin kọ́ńtírì bíi Merle Travis àti Chet Atkins ti ń ṣe. Láàárín rẹ̀ ni yóò ti máa tẹ okùn sókè díẹ̀ kí ohùn lè sunkún bíi ti búlúùsì. Wọ́n sáré ju Crudup lọ. Ohùn Presley fúyẹ́, kò sì ní ìrora tó wà nínú ti Crudup. Ìdùnnú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lómìnira ló gbalẹ̀ nínú rẹ̀.

Ojú kejì: nígbà tí ẹ̀ta di ẹ̀rin

Bí ojú kìíní bá jẹ́ búlúùsì tí wọ́n gbé wọ aṣọ kọ́ńtírì, ojú kejì ni ìdàkejì rẹ̀. Bill Monroe, bàbá orin búlúgíráàsì, ló kọ "Blue Moon of Kentucky", ó sì gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Blue Grass Boys, lọ́dún 1946. Wáàsì ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ wáàsì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ení nìkan. Ara yóò máa mì sí ọ̀tún àti òsì bí ọkọ̀ ojú omi. Orin ẹni tí olólùfẹ́ já sílẹ̀ ni, ìmì yẹn sì bá ìbànújẹ́ rẹ̀ mu.

Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń wá ohun tí wọn yóò fi sí ẹ̀yìn àwo, Black bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin Monroe ṣe yẹ̀yẹ́: ó ń kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tínrín, ó ń gbá báàsì rẹ̀ kíkan. Àwọn yòókù dá sí i. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n fi iye kan kún kíkà náà, kí ó di ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, tí wọ́n sì mú un yára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò rí i pé kò rọrùn bó ṣe dà bí ẹni rọrùn. Ọ̀rọ̀ tí Monroe ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta kò ní bọ́ sí ààyè rẹ̀ mọ́. Akọrin ní láti ké àwọn kan kúrú, kí ó fa àwọn mìíràn gùn, kí ó sì fi ìró bí ti ẹni tó ń ṣe òsúkè dí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù. Ohùn òsúkè yìí wá di àmì tí a fi ń dá akọrin rọkabílì mọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n pe Presley sí Grand Ole Opry. Ó bá Monroe níbẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì nítorí ohun tí wọ́n fi orin rẹ̀ ṣe. Monroe kò bínú. Òun fúnra rẹ̀ ti padà sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ nínú oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ó ti tún orin náà ṣe: ó fi wáàsì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì yí i sí ẹ̀rin láàárín ọ̀nà. Ẹ̀dá ti ń kọ́ ẹni tó dá a.

Gbohùngbohùn láti inú téèpù

Ohun kan tún wà nínú àwo náà tí kò ti ọwọ́ olórin kankan wá. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ onítéèpù ní orí méjì tí téèpù ń kọjá lára wọn: èkíní ń kọ ohùn sórí téèpù, èkejì ń kà á jáde. Àyè kékeré wà láàárín wọn, nítorí náà ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ti orí èkíní dé orí èkejì. Phillips ní ẹ̀rọ méjì. Ó ń darí ohùn sínú ẹ̀rọ kejì, ó ń gba èyí tí orí rẹ̀ kà jáde, ó sì ń pò ó mọ́ ohùn tó ń lọ lọ́wọ́.

Àkókò tó wà láàárín ohùn àti gbohùngbohùn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ akọrin yóò máa gun ara wọn lórí. Bí ó bá kúrú jù, etí kò ní mọ̀ pé ohùn méjì ni. Níbi tí Phillips fi í sí, ìró "tá" kan láti ara báàsì Black ń di "tá-tá", ó sì ń dà bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ti di mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ní láti wá ibòmíràn lọ, kí ó gbọ́ ojú méjèèjì àwo náà tẹ̀léra. Gbohùngbohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn nínú "That's All Right", ṣùgbọ́n ó kún inú "Blue Moon of Kentucky" dẹ́nu.

Ìbéèrè kan lórí rédíò

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Phillips gbé ojú kìíní fún Dewey Phillips (wọn kò bá ara wọn tan), aláwọ̀ funfun kan tó máa ń gbé orin àwọn adúláwọ̀ sáfẹ́fẹ́ lórí iléeṣẹ́ rédíò WHBQ. Ó gbé orin náà sí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe tẹlifóònù, ó sì tún un gbé sí léraléra lálẹ́ yẹn. Presley ti sá lọ sí ilé sinimá nítorí ìtìjú, àwọn òbí rẹ̀ ló lọ wá a jáde.

Nígbà tó dé iléeṣẹ́ rédíò, Dewey bi í pé ilé ẹ̀kọ́ girama wo ló lọ. Humes, ni ó dáhùn. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdárayá. Ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ funfun àti ti adúláwọ̀ kò papọ̀ ní Memphis, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954 yẹn pé ìpínyà bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Gbogbo ẹni tó gbọ́ "Humes" ló mọ̀ pé aláwọ̀ funfun ni. Láì sọ ọ́ jáde, Dewey ti dáhùn ohun tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ń ṣiyèméjì lé lórí.

Láti Presley dé ọ̀dọ̀ Carl Perkins

Lọ́dún 1955, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yá orin lò ti jinlẹ̀ sí i. Lọ́dún 1953, Junior Parker, adúláwọ̀ kan, gba "Mystery Train" sílẹ̀ fún Sun, orin tó lọ jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin tó gbé ẹrù wúwo. Ẹ̀yìn àwo Parker yẹn ni "Love My Baby" wà, níbi tí Pat Hare ti ta gìtá kan tó ń sáré. Nígbà tí Presley fẹ́ ṣe "Mystery Train" tirẹ̀, ọ̀rọ̀ orin náà ni wọ́n mú láti ojú kan, ọ̀nà tí Hare gbà ta gìtá ni Moore sì mú láti ojú kejì. Ìlù kò sí nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1955, Phillips ta àdéhùn Presley fún RCA ní 35,000 dọ́là. Owó ńlá ni fún iléeṣẹ́ kékeré, ó sì fún un láyè láti kọjú sí Carl Perkins. Ọmọ àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tó tòṣì ni Perkins, oko òwú olóko ni ìdílé rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Opry ló ń gbọ́ lórí rédíò nílé, ṣùgbọ́n adúláwọ̀ àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú oko, John Westbrook, ló fi bí wọ́n ṣe ń tẹ okùn gìtá kí ó lè sunkún hàn án. Ìdàpọ̀ tí Presley bá pàdé lórí rédíò, inú oko ni Perkins ti bá a.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1955, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì, Jay àti Clayton, gba "Blue Suede Shoes" sílẹ̀. W.S. Holland ló lu ìlù. Níbi tí ọwọ́ Black nìkan ti ń ṣe iṣẹ́ méjì, báàsì Clayton àti ìlù Holland ti pín in ṣe. Nígbà tí àwo náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, ó gòkè lórí àtẹ kọ́ńtírì, lórí ti orin gbogbogbòò, àti lórí ti rídíìmù àti búlúùsì lásìkò kan náà. Àwọn adúláwọ̀ ń ra orin ọmọ àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun, wọ́n sì gbà á lórí àtẹ tiwọn.

Ta ló gba owó orin?

Ìdàpọ̀ yìí kò da èrè pọ̀. Lẹ́yìn tí Presley ṣàṣeyọrí, Phillips dojú kọ àwọn aláwọ̀ funfun, iṣẹ́ sì tán fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn adúláwọ̀ tó gbé Sun dìde. Rufus Thomas, tó fún iléeṣẹ́ náà ní ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó tà, kò fi ìbínú rẹ̀ pamọ́ nípa èyí títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Crudup ló burú jù. Lára àwo Sun tó ní nọ́ńbà 209, orúkọ rẹ̀ wà nínú àkámọ́ lábẹ́ orúkọ orin, gẹ́gẹ́ bí orúkọ Monroe ti wà lójú kejì. Owó ẹ̀tọ́ tó jẹ́ ti ẹni tó kọ orin dé ọwọ́ Monroe. Ti Crudup kò dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ Lester Melrose, tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, ni ẹ̀tọ́ orin náà wà. Ó fi orin sílẹ̀ nígbà tó rí i pé kò sí èrè níbẹ̀, ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Virginia, ó sì padà sí iṣẹ́ oko. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, wọ́n bá a dé ojú àdéhùn láti san 60,000 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó kù kí wọ́n fọwọ́ sí i, àwọn tó yẹ kó sanwó náà yí ọ̀rọ̀ padà. Crudup kú ní oṣù Kẹta ọdún 1974. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ajogún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí lára owó náà gbà.